Oògùn Irorẹ́ Tí À Ń Gbé Mì: Ọ̀sẹ̀ Mélòó Ni, Kí Sì Ni Oòrùn Ń Bá A Fà?



Ní àsìkò ìdíje eré ìdárayá àwọn ilé-ìwé, ìyá kan fa ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́ wá sí ibi tí mo ti ń ta oògùn. Ọmọ ọdún 17 ni. Irorẹ́ ojú rẹ̀ kì í ṣe kékeré: ó wú, ó ní ọyún nínú, ó sì ti dé àyà àti ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ohun tó gbé wọn wá ni pé awọ imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti dú, ó sì ń bó.

"Àǹtí," ni ìyá náà wí, "oògùn tí dókítà kọ fún un ló ba ojú ọmọ mi jẹ́. Mo ti ní kó má lò ó mọ́. Irorẹ́ náà kò sì lọ."

Mo bi ọmọ náà ní ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 16 péré ló ti lò. Dọkisisáíkílìn ni wọ́n kọ fún un, kápúsù mílígíráàmù 100, ẹyọ kan lóòjọ́. Wọ́n kọ ìpara kan mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìyá kò ra ìyẹn, nítorí ó rò pé kápúsù nìkan ti tó. Ní ọjọ́ kẹtàlá ni ọmọ náà lọ sá eré ní pápá láti aago mẹ́wàá títí di aago mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí oògùn yìí ń ṣe. Irorẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òróró ara àti awọ tó ti kú bá dí ojú ihò wẹ́wẹ́ tí irun ti ń hù. (Kì í ṣe ìdọ̀tí ló ń fà á o. Ẹni tó ń fi kànìnkànìn ha ojú ń dá kún un ni.) Kòkòrò kan tó ń gbé lára gbogbo wa á pọ̀ sí i nínú ihò tó dí náà, ara á gbógun tì í, ibẹ̀ á wú, á sì gba ọyún. Dọkisisáíkílìn ń dín kòkòrò náà kù, ó sì ń pẹ̀tù sí wíwú náà. Ṣùgbọ́n kò lè ṣí ihò tó ti dí. Iṣẹ́ ìpara nìyẹn, irú bí adapalínì, tàbí èyí tí wọ́n po mọ́ bẹnsọ́ìlì pẹrọkisáìdì. Bẹnsọ́ìlì yìí tún ṣe pàtàkì ní ọ̀nà mìíràn: ó ń pa kòkòrò tí oògùn gbígbé mì lè má ràn mọ́ bí a bá ń lò ó ní òun nìkan. Ẹni tó bá ń fi í para kó mọ̀ pé ó máa ń bó àwọ̀ aṣọ. Kí ó jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa kí ó tó wé hìjáàbù aláwọ̀, kí ó sì fi aṣọ funfun bo ìrọ̀rí.

Kí ló dé tí ọjọ́ 16 kò fi tó? Irorẹ́ tí ẹ rí lónìí ti bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ awọ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn. Àwọn tó ti wà lọ́nà ṣì máa jáde, bí oògùn tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí á tó rí i pé tuntun kò jáde bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 12 ni a tó lè sọ pé ó ràn tàbí kò ràn. Ọjọ́ yẹn ló yẹ kí aláìsàn padà sọ́dọ̀ dókítà, kí ó má ṣe dúró dé ìgbà tí ojú bá tún bàjẹ́.

Bí irorẹ́ bá ti lọ ní ọ̀sẹ̀ 12, a ó dá kápúsù dúró, ìpara á sì máa bá a lọ fún ọ̀pọ̀ oṣù, nítorí ihò náà yóò tún máa fẹ́ dí. Kò sí ìdí láti máa dín kápúsù kù díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ti dín kù ṣùgbọ́n tí kò tíì tán, dókítà lè fi ọ̀sẹ̀ 12 mìíràn kún un. Bí kò bá sì yí padà rárá, tàbí tí ó ń fi àpá jíjìn sílẹ̀, kì í ṣe ká máa rà á lọ ni. Ó yẹ kí a yí ìtọ́jú padà. Mo ń rí ẹni tó ti lò ó fún ọdún kan gbáko, tó kàn ń fi páálí àtijọ́ ra tuntun. Kí a má ṣe kọjá oṣù mẹ́fà láìsí ìdí tó lágbára, nítorí bí ó bá ṣe pẹ́ tó ni kòkòrò ara ń kọ́ bí yóò ṣe borí rẹ̀, títí kan àwọn tí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú irorẹ́.

Kápúsù yìí máa ń jó ọ̀nà ọ̀fun bí ó bá há síbẹ̀. Ẹ fi ife omi kan gbáko gbé e mì lórí oúnjẹ, kí ẹ sì wà ní ìjókòó tàbí ìdúró fún ìdajì wákàtí ó kéré tán. Ní oṣù Ràmàdáànì, ìgbà ìṣínu ló dára jù. Ẹni tó bá gbé e mì ní sààrì tó sì padà sùn lè jí pẹ̀lú ìrora àyà tí kò ní jẹ́ kó lè gbé itọ́ mì. Bí ọmọ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ tàbí oògùn inú kíkan, ẹ fi wákàtí méjì sí mẹ́ta pín wọn níyà, nítorí wọ́n máa ń so mọ́ dọkisisáíkílìn nínú ìfun tí kò fi ní wọ ara. Aláboyún àti àwọn ọmọ kékeré tí eyín wọn ṣì ń hù kò gbọdọ̀ lò ó. Ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú kó bi dókítà. Ẹni tí orí ń fọ́ gidigidi tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, kó dá a dúró, kó lọ sí ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ ojú tó dú wá ńkọ́? Bí oògùn yìí bá wà lára, ìtànṣán oòrùn tó ti máa ń kọjá lásán tẹ́lẹ̀ yóò máa jó awọ. Àwọ̀ dúdú wa kò gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Lára àwọn aláwọ̀ funfun, pípọ́n ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí. Lára wa, yóò máa ta bí ata, yóò gbóná, kò ní ṣeé fọwọ́ kàn, lẹ́yìn náà yóò dú, yóò sì bó. Ọmọ náà jẹ́wọ́ pé alẹ́ ọjọ́ eré yẹn ni ojú òun ti ń ta òun. Mo wá wo etí àti ọrùn rẹ̀, níbi tí hìjáàbù bò: kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kápúsù kan náà ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó dé ọrùn, ṣùgbọ́n oòrùn kò dé ibẹ̀. Mo fi han ìyá rẹ̀, ó sì dákẹ́.

Láti aago mẹ́wàá sí mẹ́rin, kí ẹni tó ń lò ó wá ibòji tàbí agbòòrùn. Kó fi ìpara adènà-oòrùn pa ojú, etí àti ẹ̀yìn ọwọ́, èyí tí nọ́ńbà ààbò rẹ̀ tó 30, tí wọ́n sì kọ sára rẹ̀ pé ó ń dènà oríṣi ìtànṣán méjèèjì. Kí ó fi pa ìka ọwọ́ méjì láti ìsàlẹ̀ dé orí. Ìwọ̀n ti ojú àti ọrùn nìyẹn. Kí ó tún un pa ní wákàtí méjì-méjì. Àlùwàlá ìrun Ayílá máa ń fọ̀ ọ́ kúrò ní àkókò tí oòrùn mú jù lọ, nítorí náà kí ó tún un pa lẹ́yìn ìrun.

Wọ́n padà sọ́dọ̀ dókítà, ọmọ náà tún bẹ̀rẹ̀, ìyá sì ra ìpara méjèèjì. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìyá tún wá: "Àǹtí, ó ṣì ń jáde o." Mo ní, "Ìyá wa, ẹ jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà." Nígbà tó pé 12, ẹ̀yìn àti àyà ti mọ́, ó ku méjì-mẹ́ta ní àgbọ̀n. Dókítà dá kápúsù dúró. Àpá dúdú ojú kò tíì lọ tán. Ó lè gba oṣù púpọ̀ sí i. Ìyá náà béèrè bóyá kí wọ́n ra ìpara ìbóra kan kí ó tètè lọ. Mo kọ̀ fún un, nítorí ọ̀pọ̀ irú ìpara bẹ́ẹ̀ ní oògùn sítẹ́rọ́ọ̀dù nínú, ìyẹn fúnra rẹ̀ sì máa ń fa irorẹ́.