Ikùn Ni Kí Ẹ Kà: Bí A Ṣe Ń Rí Hamóníìkì Nínú Àwòrán Okùn Tó Ń Gbọ̀n

Ní Sátidé tó kọjá, àbúrò mi obìnrin tó ń múra ìdánwò àṣejáde girama gbé ìwé físíìsì rẹ̀ wá bá mi. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ṣe ìbéèrè yìí, ìdáhùn mi ò bá ti ẹ̀yìn ìwé mu." Mo wo iṣẹ́ rẹ̀, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí. Kì í ṣe pé mo ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ o. Àṣìṣe yẹn gan-an ló jẹ máàkì mi nígbà tí mo wà ní ọdún kìíní ní yunifásítì. Ẹ jẹ́ ká jọ wo ìbéèrè náà.

Okùn kan nìyí, wọ́n so ó mọ́lẹ̀ ní A àti ní D. Ó ń gbọ̀n ní ìgbà 240 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àárín X sí B jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15.

```
A(======X======)B(=============)C(=============)D
        |<----->|
          15 cm
```

Ìbéèrè mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Hamóníìkì kelòó nìyí? Báwo ni ìgbì ṣe ń yára tó lórí okùn náà? Ìgbà mélòó ni okùn náà máa ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tó bá wà ní hamóníìkì kìíní?

Ká tó ṣírò ohunkóhun, ẹ jẹ́ ká mọ nǹkan tí à ń wò. Nínú ìwé, ìlà méjì ni wọ́n máa ń yà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, tí wọ́n á máa pàdé ní A, B, C àti D. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé okùn méjì ni. Rárá o, okùn kan ṣoṣo ni. Ìlà kan ń fi ibi tó wà hàn nígbà tó gbọ̀n lọ dé òpin lápá kan, ìlà kejì sì ń fi ibi tó wà hàn nígbà tó gbọ̀n padà dé òpin kejì. Nínú ìbéèrè wa yìí, ìdá kan nínú 480 ìṣẹ́jú àáyá ló fi ń ti ìhín dé ọ̀hún. Ojú wa ò lè bá a sáré, ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé ó wà níbi méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn ibi tí ìlà méjèèjì ti pàdé, tí okùn ò mira rárá, ni àwọn tíṣà ń pè ní nóòdù. Èmi á pè é ní ojú ìdákẹ́. Apá tó wú láàárín ojú ìdákẹ́ méjì ni mo ń pè ní ikùn. Ibi tí ikùn ti yọ jù lọ, bíi X nínú àwòrán yìí, ni góńgó ikùn, àárín gbùngbùn ikùn ló sì máa ń wà.

Kí ló dé tí ojú ìdákẹ́ fi wà rárá? Nígbà tí ìgbì bá sáré dé ìdí tí wọ́n so okùn mọ́, kò rí ibi kọjá sí. Ó máa ń yípo padà, ohun tó wà lókè á di ìsàlẹ̀. Ìgbì tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ wá pàdé lórí okùn kan náà. Láwọn ibì kan, bí ọ̀kan bá ń fa okùn sókè, èkejì ń fà á sísàlẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà, okùn á wá dúró sójú kan níbẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí A àti D ò lè mira, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ ojú ìdákẹ́. Nítorí náà, odidi ikùn ló gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, kò lè jẹ́ méjì ààbọ̀.

Ibí yìí ni àbúrò mi ti ṣìnà. Ó ka ojú ìdákẹ́, ó rí mẹ́rin, ó kọ hamóníìkì kẹrin. Ikùn ló yẹ kó kà. Ojú ìdákẹ́ máa ń fi ọ̀kan ju ikùn lọ nítorí pé ìdí okùn méjèèjì wà nínú rẹ̀. Ikùn mẹ́ta ló wà níbí, hamóníìkì kẹta nìyẹn. Bí wọ́n bá wá béèrè ófátóònù, ẹ fi ojú sílẹ̀ dáadáa: hamóníìkì kejì ni wọ́n ń pè ní ófátóònù kìíní, torí náà hamóníìkì kẹta yìí ni ófátóònù kejì.

Àṣìṣe rẹ̀ kejì ni pé ó ka ikùn kan sí odidi ìgbì. Ẹ fojú inú dá okùn náà dúró fún ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí A sí B bá yọ sókè, B sí C á rì sísàlẹ̀. Odidi ìgbì gbọ́dọ̀ ní òkè kan àti ìsàlẹ̀ kan, torí náà láti A dé C ni gígùn ìgbì. Ikùn kan jẹ́ ìdajì rẹ̀, láti góńgó ikùn dé ojú ìdákẹ́ tó tẹ̀ lé e sì jẹ́ ìdá mẹ́rin rẹ̀.

Ó wá kù ká ṣírò. X sí B jẹ́ 15, ikùn kan jẹ́ 30. Ikùn mẹ́ta jẹ́ 90, gígùn okùn nìyẹn. Gígùn ìgbì jẹ́ 60. Ẹ sọ ọ́ di mítà kẹ́ ẹ tó lọ síwájú:

```
v  = f × λ = 240 × 0.60 = 144 m/s
f1 = 240 ÷ 3 = 80 Hz
f1 = v ÷ 2L = 144 ÷ (2 × 0.90) = 80 Hz
```

Ẹ wo ìlà kejì àti ìkẹta. Ọ̀nà méjì ni mo gbà wá ohun kan náà, ìdáhùn sì bára mu. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe lè mọ̀ bóyá ẹ ti ṣìnà, kẹ́ ẹ tó ṣí ẹ̀yìn ìwé. Ti àbúrò mi, 240 pín sí 4 fún un ní 60. Ìyára tó rí jẹ́ 72, torí 0.30 ló fi sọ 240 di púpọ̀. Tó bá wá pín 72 sí 1.80, 40 ló máa rí. Ọgọ́ta àti ogójì ò lè jẹ́ ìdáhùn sí ìbéèrè kan náà. Nígbà tí mo fi hàn án, ó ní, "Áà! Nítorí náà, iṣẹ́ mi fúnra rẹ̀ ti ń pariwo fún mi látọjọ́ yìí?" Bẹ́ẹ̀ ni.

Tẹ́ ẹ bá ní gìtá nítòsí, ẹ lè fetí gbọ́ ọ. Okùn tí wọ́n ń pè ní A máa ń gbọ̀n ní ìgbà 110 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi ìka kàn án fẹ́ẹ́rẹ́ ní àárín gbùngbùn rẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ o, kẹ́ ẹ wá ta á. Ìka yín sọ ibẹ̀ di ojú ìdákẹ́ tipátipá. Gbogbo ìmìtìtì tó ní góńgó ikùn níbẹ̀ á kú, hamóníìkì kejì, 220, lẹ máa gbọ́ ketekete. Tẹ́ ẹ bá kàn án ní ìdá mẹ́ta gígùn rẹ̀, 330 ló máa dún.

Ṣùgbọ́n àwòrán inú ìwé dán ju ti yàrá àyẹ̀wò lọ. Níbẹ̀, ẹ̀rọ tó ń mi okùn ni wọ́n so ìdí kan mọ́, ìdí yẹn sì ń mira díẹ̀, kì í ṣe ojú ìdákẹ́ gidi. Tẹ́ ẹ bá wọn ikùn tó sún mọ́ ẹ̀rọ yẹn, ìwọ̀n yín á yingin. Àwọn ojú ìdákẹ́ tó wà láàárín okùn ni kẹ́ ẹ wọ̀n, kẹ́ ẹ sì wọn ikùn bíi méjì tàbí mẹ́ta pa pọ̀ kẹ́ ẹ tó pín in.

Ó ku tiyín. Okùn kan ní ojú ìdákẹ́ márùn-ún, pẹ̀lú ìdí méjèèjì. Láti ìdí òsì dé ojú ìdákẹ́ kẹta jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50, ó sì ń gbọ̀n ní ìgbà 200 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbà mélòó ni ti hamóníìkì kìíní rẹ̀? Ẹ gba ọ̀nà méjèèjì. Tí ìdáhùn yín ò bá bára mu, ẹ tún ikùn kà.