"A rí i pé": àkọlé wo ló yẹ lókè sláìdì?

Ká ní ìjábọ̀ gígùn kan wà nílẹ̀ lórí ààlà tó wà lẹ́bàá Ìlárá, tí a sì fẹ́ fi sláìdì ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn àgbà ìlú. Orí kìíní ń jẹ́ "Ìtàn ààlà". "Àdéhùn 1889" àti "Pípín ilẹ̀ Kétu" wà lábẹ́ rẹ̀. Bí a bá fi Heading 1 àti Heading 2 tò ó sínú Word, tí a wá fi Slides from Outline gbé e wọ PowerPoint, Heading 1 á di àkọlé sláìdì, Heading 2 á di kókó abẹ́ rẹ̀, àlàyé tí a kọ sáàárín wọn kò sì ní wọlé. "Ìtàn ààlà" ló máa wà lókè gàgàrà, àwọn àgbà á sì máa retí ohun tí ìtàn náà wí.

Láti dán àkọlé wò, ẹ fi "A rí i pé" síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. "A rí i pé ìtàn ààlà..." Kí ló ṣe é? Orúkọ lásán ni, kò ní ọ̀rọ̀-ìṣe. Irú rẹ̀ dára fún orí ìwé, torí òǹkàwé lè ṣí ojú ewé tó kàn. Ẹni tó jókòó ń wo ògiri kò lè ṣí nǹkan kan. Ẹ wá wo "Pípín ilẹ̀ Kétu". Bí a bá fi ọ̀rọ̀-ìṣe rọ́pò "pípín", ó lè di: "Ààlà 1889 ya Ìlárá kúrò lára ìlú Kétu." A rí i pé... ó wọlé wẹ́rẹ́. Òun gan-an ló yẹ lókè. Nínú Outline View, ẹ gbé kọ́sọ̀ sórí ìlà náà kí ẹ tẹ Shift+Tab, á di sláìdì tuntun. "Àdéhùn 1889" tó kù lókè jẹ́ ẹ̀rí fún un, nítorí náà ẹ gbé e wá sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì pa "Ìtàn ààlà" rẹ́. Èmi kì í ṣàánú irú àkọlé bẹ́ẹ̀.

Ibi tí èdè ti máa ń dà rú jù ni àwọn kókó abẹ́. Ìjábọ̀ lè sọ pé: "Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn ní 1889. Ó fi ìlú Kétu sọ́wọ́ Faransé. Síbẹ̀, ó fi Ìmẹ̀kọ àti Ìlárá sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì." Nínú ìwé, a mọ̀ pé àdéhùn ni "ó". Bí ìlà kọ̀ọ̀kan bá dá dúró lórí sláìdì, "ó" di ọmọ tí kò ní bàbá, "síbẹ̀" kò sì rí ohun tó ń takò. Ẹ yọ àwọn méjèèjì, kí ẹ fi orúkọ ìlú ṣíwájú ìlà:

- Kétu: ọwọ́ Faransé
- Ìmẹ̀kọ àti Ìlárá: ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì

Bí ìlà kan bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ, kí gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, ẹ lò ó jálẹ̀: "pín ilẹ̀", "ya ẹbí". "Pín ilẹ̀" lókè, "ìyapa ẹbí" nísàlẹ̀ kò bá ara wọn mu, ẹni tó ń ka á sókè fún àwọn àgbà á kọ́kọ́ kọsẹ̀ níbẹ̀.