Ìdí Tí Ìbọn Onílà Fi Sọ Ìtò Ẹ̀jìká-kan-Ẹ̀jìká Di Pàkúté Ikú

Nígbà tí a ń ka ìtàn ogun abẹ́lé ilẹ̀ Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n jà láti ọdún 1861 títí di ọdún 1865, ìbéèrè kan dìde láàrin wa tí kò jẹ́ kí a tètè pa ìwé dé. Kí ni ó mú kí àwọn ọmọ ogun tò bí igi ọgbà, kí ẹ̀jìká ẹnì kan kan ti ẹnì kejì, kí wọ́n sì máa rìn lọ ní gbangba sí ojú ìbọn? Ọ̀kan nínú wa dáhùn kíákíá pé òmùgọ̀ ni àwọn ọ̀gágun wọn. Ìdáhùn náà kò tẹ́ wa lọ́rùn, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀gágun wọ̀nyí ni ó kàwé dáadáa tí ó sì ti jagun rí. Nítorí náà ni a ṣe tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, ohun tí a sì rí ni a kọ síhìn-ín.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ìbọn àtijọ́. Ẹni tí ó bá ti rí ṣakabùlà lọ́wọ́ ọdẹ ti rí irú rẹ̀: inú ọ̀pá rẹ̀ dán, kò ní ìlà kankan. Láti ẹnu ìbọn ni a ń ti ro ẹ̀tù àti ọta sí i, tí a ó sì fi ọ̀pá gún wọn dé ìsàlẹ̀. Kí ọta roboto náà bàa lè tètè wọlé, ó ní láti kéré díẹ̀ ju ihò ìbọn lọ. Nígbà tí ẹ̀tù bá gbiná, ọta yóò máa gbá ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá lọ́tùn-ún lósì bí ó ti ń jáde bọ̀, ẹ̀gbẹ́ tí ó bá sì gbá kẹ́yìn ni yóò darí rẹ̀. Bí ẹnì kan bá yin irú ìbọn bẹ́ẹ̀ sí ẹnì kan ṣoṣo tí ó dúró ní 100 yáàdì, tàsé-tàsé ni ó sábà máa ń jẹ́. Ṣùgbọ́n bí 200 ènìyàn bá jọ yìn ín lẹ́ẹ̀kan náà sí àárín 200 ènìyàn mìíràn, ọta tí ó ṣìnà kúrò lọ́dọ̀ Táíwò lè ba Kẹ́hìndé. Èyí ni ìdí kìn-ín-ní tí wọ́n fi ń tò pọ̀: ìbọn tí kò mọ ojú àmì ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ ènìyàn tún ṣe.

Ìdí mìíràn sì wà. Nínú ariwo àti èéfín ogun, ohùn ọ̀gá kì í lọ jìnnà. Bí àwọn ènìyàn rẹ̀ bá fọ́n ká, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ àṣẹ. Àsíá ni wọ́n ń wò, ìlù ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé. Bí àwọn ẹlẹ́ṣin bá kù gììrì dé, àwọn tí ó ṣù mọ́ ara wọn tí wọ́n na ọ̀bẹ ẹnu ìbọn síwájú ni ó lè dúró. A rí i pé ìtò náà ní ọgbọ́n nínú, ní ìgbà tirẹ̀.

Ìbọn onílà nínú kì í ṣe ohun tuntun pátápátá. Àwọn ọdẹ ilẹ̀ Jámánì ti ń lò ó fún ọdún púpọ̀. Wọ́n fín ìlà lílọ́ sí inú ọ̀pá ìbọn, ìlà wọ̀nyí ni ó sì ń mú kí ọta máa yí bí ó ti ń lọ. Gbogbo wa ni a ti ta òkòtò rí ní kékeré: bí ó bá ń yí, yóò dúró ṣánṣán; bí yíyí bá tán, yóò ṣubú. Bẹ́ẹ̀ ni ọta tí ń yí kì í fì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó nínú rẹ̀ ni pé ọta gbọ́dọ̀ há mọ́ ìlà kí ó tó lè yí, ọta tí ó há sì ṣòro láti gún wọlé láti ẹnu ìbọn. Nígbà mìíràn wọ́n ní láti fi òòlù kékeré gbá a. Kí onílà tó yìn lẹ́ẹ̀kan, aláìnílà lè ti yìn lẹ́ẹ̀mẹta. Nítorí náà, àwọn díẹ̀ nínú ọmọ ogun nìkan ni a ń fi í fún.

Ọ̀gá ọmọ ogun Faransé kan, Minié, ni orúkọ rẹ̀ mọ́ ọta tí ó tú kókó yìí ní ọdún 1849. Ọta náà kò rí roboto. Orí rẹ̀ ṣóńṣó, ìdí rẹ̀ sì ní ihò. Òjé tí ó rọ̀ ni wọ́n fi ṣe é, ó sì kéré ju ihò ìbọn lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ó ń bọ́ wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀tù bá gbiná, agbára iná náà yóò ti inú ihò ìdí ọta, yóò mú kí etí rẹ̀ fẹ̀, yóò sì há mọ́ ìlà. Ó wọlé bí ọta ìbọn aláìnílà, ó sì jáde bí ti onílà. Minié fi ife irin kékeré sí ihò náà láti mú un fẹ̀; ní ilé iṣẹ́ ìbọn Harpers Ferry ní Amẹ́ríkà, James Burton fi hàn pé kò sí ìdí fún ife náà. Láti ìgbà náà, gbogbo ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ lè gbé ìbọn onílà, kí ó sì yìn ín lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta ní ìṣẹ́jú kan.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀, irú èyí tí a lè kọ sí ara pátákó. Ìwé ìdálẹ́kọ̀ọ́ wọn ní kí ọmọ ogun tí ń yára rìn gbé ẹsẹ̀ ní 110 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan, kí ìgbésẹ̀ kan sì jẹ́ 28 ínṣì. Èyí jẹ́ nǹkan bí 85 yáàdì ní ìṣẹ́jú kan. Bí ìbọn ọ̀tá bá jẹ́ aláìnílà, tí kò lè ṣe jàǹbá gidi ju 100 yáàdì lọ, àwọn tí ń kọlu ni yóò wà nínú ewu fún ìṣẹ́jú kan ó lé díẹ̀. Àwọn tí ń gbèjà yóò yìn ní ẹ̀ẹ̀mejì. Bí wọ́n bá jẹ́ 400, ọta 800 ni. Kí a wí pé ọ̀kan nínú 20 ni ó bà: ènìyàn 40 ni yóò ṣubú. Bí àwọn tí ń bọ̀ náà bá jẹ́ 400, 360 ni yóò dé ibẹ̀ pẹ̀lú ọ̀bẹ ẹnu ìbọn wọn. Ṣùgbọ́n bí ìbọn bá jẹ́ onílà, tí ewu rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 300 yáàdì, ìrìn náà di ìṣẹ́jú mẹ́ta ààbọ̀. Àwọn tí ń gbèjà yóò yìn ní ẹ̀ẹ̀méje, ọta 2,800, ènìyàn 140 yóò sì ṣubú. A kò yí ohunkóhun padà nínú ìgboyà ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni a kò sọ pé ẹnikẹ́ni mọ ìbọn yìn ju ti àtijọ́ lọ. Àkókò nìkan ni a fi kún un.

Ìtò tí ó ṣù pọ̀ tún ń bá ìbọn náà ṣiṣẹ́. Ọ̀nà ẹsẹ̀ bàtà méjì péré ni ẹnì kan gbà nínú ìlà, ìlà kejì sì dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìwọ̀n ínṣì 13. Ọta tí kò ba ẹni iwájú lè ba ti ẹ̀yìn, èyí tí ó sì la ẹnì kan já lè dúró sára ẹnì kejì. Òjé rírọ̀ náà a máa tẹ́ nígbà tí ó bá kan egungun, a sì máa rún un wómúwómú. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn fi ń gé ọ̀pọ̀ apá àti ẹsẹ̀ nínú ogun náà.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 1862, ọ̀gágun Burnside ti ẹgbẹ́ ogun Àríwá rán àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde láti ìlú Fredericksburg, ní Virginia, láti gba òkè Marye's Heights. Ní ẹsẹ̀ òkè náà ni ọ̀nà kan wà tí ó rì sísàlẹ̀, tí ògiri òkúta sì wà níwájú rẹ̀. Ògiri yìí tó àyà ènìyàn. Àwọn ọmọ ogun Gúúsù, tí ọ̀pọ̀ wọn wá láti Georgia, dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbá wà lórí òkè lẹ́yìn wọn. Àwọn tí ń kọlu kọ́kọ́ ní láti gba orí afárá tóóró kọjá lórí kòtò omi, kí wọ́n tún ìlà wọn tò lábẹ́ ebè ilẹ̀ kan, kí wọ́n tó jáde sí pápá gbangba. Àgbá ń yìn wọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní ìlú. Nígbà tí wọ́n sún mọ́ ògiri, ìbọn onílà gbà á lọ́wọ́ àgbá. Bí ọjọ́ ti ń lọ, àwọn ẹ̀yìn ògiri pọ̀ sí i, àwọn ìlà ẹ̀yìn ń ro ìbọn, wọ́n sì ń nawọ́ rẹ̀ sí àwọn tí ó wà níwájú, tó bẹ́ẹ̀ tí ìbọn yíyìn kò fi dáwọ́ dúró.

Ìpín ọmọ ogun méje ni Burnside rán ní ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò sí ọ̀kan tí ó fọwọ́ kan ògiri náà. Àwọn ọmọ Áílándì tí Meagher jẹ́ olórí wọn, tí wọ́n tó nǹkan bí 1,200, pàdánù 545, òkú, àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ àti àwọn tí a kò rí mọ́. Ohun tí ó dùn wá jùlọ nínú ìtàn wọn ni pé ìbọn aláìnílà ni ọ̀pọ̀ wọn gbé, nítorí pé Meagher fẹ́ràn rẹ̀ fún ìjà àfẹnukò. Wọn kò sún mọ́ ọ̀tá tó láti lò ó dáadáa. Ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀gágun Humphreys rí i pé bí àwọn ènìyàn bá ti dúró láti yìnbọn nínú pápá, wọn kì í tún rìn mọ́. Wọn a dùbúlẹ̀. Ó pàṣẹ kí àwọn tirẹ̀ má ṣe ro ìbọn rárá, kí wọ́n fi ọ̀bẹ ẹnu ìbọn nìkan lọ. Àwọn tí ó ti sùn sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń di ẹsẹ̀ wọn mú bí wọ́n ti ń kọjá, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má lọ. Àwọn náà kò dé ògiri. Ní gbogbo ojú ogun ọjọ́ náà, Àríwá pàdánù ènìyàn tí ó ju 12,600 lọ, Gúúsù pàdánù èyí tí ó ju 5,300 lọ.

A kò gbọ́dọ̀ fi gbogbo rẹ̀ sí ọrùn ìbọn nìkan. Ògiri àti àgbá ní ìpín tiwọn. Àwọn onítàn òde òní sì ti fi hàn pé ọ̀pọ̀ ìjà inú ogun náà ni wọ́n jà ní nǹkan bí 100 yáàdì, nítorí igbó, èéfín, àti àìkọ́ni ní ìbọn yíyìn. Ọta Minié kì í yára púpọ̀. Bí a bá fẹ́ kí ó dé 300 yáàdì, ó ní láti gòkè bí ẹni ju òkúta kí ó tó sọ̀ kalẹ̀. Ní àárín ọ̀nà, ó ń kọjá lórí ènìyàn. Ẹni tí kò bá mọ ìwọ̀n ọ̀nà dáadáa, tí kò sì tún ojú ìwòbọn rẹ̀ ṣe bí ọ̀tá ti ń sún mọ́ ọn, òfurufú ni yóò máa yìn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ilé ẹ̀kọ́ ìbọn sílẹ̀ ní Hythe ní ọdún 1853 nítorí èyí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Amẹ́ríkà kò rí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ gbà.

Ọmọ ogun kan wà tí ó dà bí ẹni pé ó ṣe ìṣirò tí a ṣe lókè yìí. Emory Upton ni, ní Spotsylvania, ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 1864. Kò fọ́n àwọn ènìyàn rẹ̀ ká. Ńṣe ni ó tò wọ́n nípọn ju ti ìgbàkígbà lọ, nǹkan bí 5,000 ní ìlà mẹ́rin. Ṣùgbọ́n ó kó wọn pamọ́ sí etí igbó tí kò ju nǹkan bí 200 yáàdì lọ sí yàrà ọ̀tá, ó ní kí wọ́n sáré, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró yìnbọn lójú ọ̀nà. Ìlà iwájú nìkan ni ó fi ìgbáná sórí ìbọn wọn. Wọ́n wọ inú yàrà náà, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbèkùn. Àwọn tí ó yẹ kí ó wá kún wọn lọ́wọ́ kò dé, nígbà tí ilẹ̀ sì ṣú, a ní kí wọ́n padà. Nǹkan bí 1,000 nínú wọn ni ó kú tàbí tí ó fara gbọgbẹ́ tàbí tí a kò rí mọ́.

A tún fi èyí han ọ̀rẹ́ wa tí ó pe àwọn ọ̀gágun ní òmùgọ̀. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì béèrè pé, bí 200 yáàdì bá gba 1,000 ènìyàn lọ́wọ́ ẹni tí ó gbọ́n, kí ni 400 yáàdì yóò gbà? Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn nínú wa.