Àpótí Ìmọ̀: Ṣé Àwòrán Yìí Yé Ẹni Tí Kò Mọ̀wé?

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, àrùn onígbáméjì jà l'Ékòó. Ká ní a fẹ́ lẹ ìwé ìlera mọ́ ògiri ibùdókọ̀ Costain, láti fi han èrò bí wọ́n ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ẹni tó ń yàgbẹ́ gbuuru, kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn: omi mímọ́ lítà kan, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì.

Iyọ̀ ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí bó bá pọ̀ jù, ó lè ṣe ọmọdé ní jàǹbá. Bí ayàwòrán bá ya ṣíbí tí iyọ̀ ga lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọn yóò bù ú. Kó ya ọ̀bẹ tó ń gé e dọ́gba pẹ̀lú etí ṣíbí. "Lítà kan" kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn; píọ̀ wọ́tà 50cl méjì yé wọn. Dípò "ìdápadà omi ara", ẹ kọ "Ẹ fún un mu lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan."

Ẹ wá bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ fi àwòrán nìkan han èrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má bi wọ́n pé "Ṣé ó yé yín?", torí gbogbo wọn ni yóò ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ bi wọ́n pé "Kí lẹ máa ṣe?", kí wọ́n sì bu iyọ̀ níṣojú yín. Bí ẹ bá ń wá òṣùwọ̀n, ìlànà ANSI ti Amẹ́ríkà fún àmì ààbò béèrè pé kó yé ènìyàn 85 nínú 100, kí àwọn tó ṣì í lóye sí òdìkejì má sì ju 5 lọ.