Bí A Ṣe Jẹ́rìí sí Iṣẹ́ Akọ̀wé Owó Wa

Obìnrin tó bá wa tọ́jú ìwé owó fún ọdún mẹ́fà ń wá iṣẹ́ sí ibòmíràn. Ó ní kí a bá òun kọ ọ̀rọ̀ ìjẹ́rìí sí ojú ewé òun lórí LinkedIn, níbi tí àwọn agbanisíṣẹ́ ti ń wo iṣẹ́ tí ènìyàn ti ṣe.

Ohun tí a kọ́kọ́ kọ rèé: "Olóòótọ́ ni, aláápọn ni, ó sì ń bọ̀wọ̀ fún àgbà." Nígbà tí a tún un kà, a rí i pé bí a bá fi orúkọ máígáàdì wa rọ́pò tirẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò ní yí padà. Alága tilẹ̀ fẹ́ kí a fi kún un pé kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo ìlú. Ta ló wá ka gbogbo ìlú?

A wá bi ara wa pé, kí la rí tí a fi ń pè é ní olóòótọ́? Ìgbà kan wà tí owó inú ìwé fi ₦18,400 ju ti báńkì lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń fi káàdì ọmọ ẹgbẹ́ wé ìwé ńlá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì rí i pé òun fúnra òun ló kọ owó ẹnì kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Òun ló wá sọ fún ìgbìmọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó béèrè.

Gẹ̀ẹ́sì la fi kọ èyí tí a fi ránṣẹ́. Ohun tó wí nìyí:

"Ọdún mẹ́fà ni a fi jọ ṣiṣẹ́, èmi ni akọ̀wé, òun ló ń tọ́jú ìwé owó. Nígbà tí ìwé àti báńkì kò bára mu, ó wá àṣìṣe náà kàn, ó sì jẹ́wọ́ pé tòun ni. Láti ìgbà náà ló ti ń fi ìwé wé báńkì ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ pínpín èrè, ó máa ń fi sùúrù ka káàdì fún àwọn ìyá tí ojú wọn kò ríran dáadáa. Àwọn ìyá wọ̀nyẹn ń béèrè rẹ̀, èmi náà yóò sì ṣàárò rẹ̀."

Ẹ rí i pé ìbátan iṣẹ́ ló ṣíwájú, nítorí ìwọ̀nba ìlà àkọ́kọ́ ló máa ń hàn kí ènìyàn tó ṣí ìyókù. Orúkọ akọ̀wé ló wà níbẹ̀, nítorí ènìyàn ló ń jẹ́rìí lórí LinkedIn, kì í ṣe ẹgbẹ́. A kò mẹ́nu kan kọ̀ǹpútà, a kò rí i kó lò ó rí.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìwé náà kọ́kọ́ lọ. Àfi tó bá gbà á ni yóò tó hàn, ó sì lè ní kí a tún un ṣe. Ó dá a padà lóòótọ́. Ẹ̀rù bà wá pé ọ̀rọ̀ àṣìṣe náà ló bí i nínú. Ó ní kí a fi ìyẹn sílẹ̀ bó ṣe wà. Iye owó náà, àti "aláṣọ" tí a fi júwe ẹni tó ni ín, ló ní kí a yọ, kí àwọn ará ọjà má baà mọ owó ẹni tí à ń sọ. A yọ ọ́.