Irin Inú Ẹ̀jẹ̀ Tí A Gbà

Ẹ̀yin ìyá wa, àpò ẹ̀jẹ̀ kan ń gbé irin bíi miligíráàmù 200 wọ ara. Bí ọmọ wa tí ó ní fòníkú-fọ̀ladìde bá gba àpò 12, ó di 2,400. Ara kò lè tú u jáde. Inú ẹ̀dọ̀ àti ọkàn ni ó ń kó jọ sí, a sì máa bà wọ́n jẹ́.

Àyẹ̀wò fẹ́rítíìnì ni ó ń fi í hàn. Ibà pẹ̀lú lè gbé e sókè, nítorí náà kí a tún un ṣe nígbà tí ara ọmọ bá le. Bí ó bá ń ju 1,000 lọ lemọ́lemọ́, kí a bi dókítà nípa oògùn dẹfẹrasírọ́ọ̀sì. Oògùn náà a so mọ́ irin, a sì bá ìgbẹ́ gbé e jáde. Kí a má ṣe dá a dúró fúnra wa. Irin kì í dùn ni kí ó tó ba ọkàn jẹ́.