Ẹ̀KỌ́ ÌLERA: ÀTẸ ERÉ AGBÁRA FÚN Ọ̀SẸ̀ KAN

Àwọn tó ń ṣòwò ní Ọjà Tuntun nínú wa máa ń béèrè pé, “Ṣé ẹrù tí a ń gbé láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kò tó eré ìdárayá ni?” Ó tó láti mú kó rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n kò tó láti fi agbára kún agbára wa. Ẹrù tí a bá ń gbé lójoojúmọ́ máa ń mọ́ iṣan lára. Bó bá ti mọ́ ọn lára, iṣan kò rí ìdí tí yóò fi le sí i. Lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá sì ti dáwọ́ dúró, iṣan àti egungun obìnrin a tún máa dín kù. Ìgbà náà ni ìyá ń di ògiri mú kó tó lè dìde lórí àpótí.

Dókítà Thomas DeLorme, tó ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó fara pa, ló sọ fífi ẹrù kún ẹrù díẹ̀díẹ̀ di ètò ìtọ́jú. Ó kọ ọ́ jáde ní 1945. Ní 1948, òun àti Dókítà Watkins sọ pé ọ̀wọ́ 3, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìgbà 10, ti tó. Lónìí, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré agbára ní ọjọ́ 2 lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Ìdí nìyí tí a fi ṣe àtẹ yìí fún Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀:

Jíjókòó àti dídìde lórí àga: ọ̀wọ́ 3, ìgbà 8 sí 12, ìsinmi ìṣẹ́jú 2.
Fífi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri: ọ̀wọ́ 3, ìgbà 8 sí 12, ìsinmi ìṣẹ́jú 2.
Gbígbé kẹ́ẹ̀gì omi nílẹ̀: ọ̀wọ́ 2, ìgbà 8 sí 12, ìsinmi ìṣẹ́jú 2.
Nína gìgísẹ̀ sókè: ọ̀wọ́ 2, ìgbà 10 sí 15, ìsinmi ìṣẹ́jú 1.

Bí a bá dìde lórí àga lẹ́ẹ̀mẹ́jọ láì dúró, ọ̀wọ́ kan nìyẹn. Kí á sinmi, kí á tó bẹ̀rẹ̀ ìkejì. Ẹ má ṣe jẹ ìsinmi yìí run nítorí ìkánjú. Ẹni tó sinmi ìṣẹ́jú àáyá 20 péré lè ṣe 8 lákọ̀ọ́kọ́, kó ṣe 4 lẹ́ẹ̀kejì, kó wá rò pé òun kò lágbára, bẹ́ẹ̀ àárẹ̀ lásán ni. Kí á dá ọ̀wọ́ dúró nígbà tí a bá mọ̀ pé ó kù bí ìgbà 2 tí a ṣì lè ṣe. Bí ẹ̀yìn bá ti ń tẹ̀, tàbí tí a ń ju ara sílẹ̀ sórí àga, a ti kọjá ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á mú ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ bí àpẹẹrẹ, ọmọ ọdún 58. Lọ́sẹ̀ kìíní, ó dìde lórí àga ní ìgbà 8, 7 àti 6. Ó kọ ọ́ sínú ìwé gbèsè rẹ̀ (kò síbi tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ!). Lọ́sẹ̀ kejì ó ṣe 8, 8 àti 7. Kò fi ẹrù kankan kún un, ìgbà nìkan ló ń fi kún. Lọ́sẹ̀ keje ló tó ṣe 12 nínú ọ̀wọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìgbà yẹn ló bu omi lítà 2 sínú kẹ́ẹ̀gì, ó gbá a mọ́ àyà, ó sì padà sí 8. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan, nítorí náà a kò nílò òṣùwọ̀n. Nígbà tó bá tún dé 12, yóò fi lítà kan kún un. Pípadà sí 8 kì í ṣe ìfàsẹ́yìn, ẹrù ló yí padà.

Bí iye náà bá dúró sójú kan fún ọ̀sẹ̀ 3, kí á kọ́kọ́ wo oorun wa, kí á sì wò bóyá ẹ̀wà, ẹyin tàbí ẹja wà nínú oúnjẹ wa. Ẹni tí àìsàn dá dúró fún ọ̀sẹ̀ 2, kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù tó fúyẹ́ sí i.

Kí iṣan máa ro wá díẹ̀ lọ́jọ́ kejì kò burú. Ìrora tó ń gún oríkèé orúnkún tàbí èjìká ni kí á dúró fún. Kí á máa mí síta nígbà tí a bá ń dìde, nítorí pé dídi èémí mú máa ń mú ẹ̀jẹ̀ ru sókè. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò tíì rọlẹ̀, kí ó rí dókítà kó tó gbé kẹ́ẹ̀gì. Bí òòyì bá sì ń kọ́ni, tàbí tí àyà bá ń dunni, kí á jókòó, kí á sì tètè lọ sí ilé ìwòsàn.